Wọ́n ní a ti pa iná, iná sì gbé oníṣẹ́ wa: kí ni ká kọ sínú ìròyìn?

Alábòójútó Kúbwà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni mo ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ ní ẹ́sítéètì kan ní Kúbwà. Láàárọ̀ Wẹ́sídeè, iná gbé ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ wa nídìí pánẹ́ẹ̀lì pọ́ǹpù bóòhóòlù. Pọ́ǹpù oníhọ́ọ̀sì 10 ni, fésì mẹ́ta ló ń lò. Kọ́ntákítọ̀ rẹ̀, ìyẹn súwìṣì tó ń tan pọ́ǹpù, ti jó, òun ni ọmọkùnrin náà fẹ́ pààrọ̀. Aago 9:40 ló wọ́ bíréékà ńlá inú pánẹ́ẹ̀lì wálẹ̀, ó sì fi mítà wọn L1, L2 àti L3. Òdo ni gbogbo rẹ̀. Ó tú kọ́ntákítọ̀ àtijọ́ kúrò. Ní nǹkan bí 10:15, ó mú wáyà kékeré tó máa lọ sẹ́nu A1 ti tuntun, ni iná bá gbé e, ó sì ta á sẹ́yìn. Kò dákú. Àmì funfun kékeré kan ló kù lórí ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù ló wá di wàhálà. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀: "Ṣé a pa iná kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mánéjà ní kí n kọ "bẹ́ẹ̀ kọ́", torí ká ní a pa á ni, iná ò ní gbé ẹnikẹ́ni. Oníṣẹ́ náà ń búra pé òun pa á, èmi alára sì bá bíréékà náà nílẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀. Ìbéèrè kejì ni "ipò tí ẹ̀rọ wà". Ohun tí mo bá nínú àwọn fọ́ọ̀mù àtijọ́ ni "ó dára". Kí ni ká kọ?

Nọ́ọ̀sì Àṣàkẹ́

Ẹ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ ná. Ṣé ọmọ náà ti dé ọsibítù? Àmì kékeré orí ìka kì í sọ ohun tí iná ṣe nínú ara. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n fi ẹ̀rọ ya bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, lónìí, kì í ṣe lọ́la. Bí àyà rẹ̀ bá ń já pàà, bí òòyì bá ń kọ́ ọ, bí ọwọ́ rẹ̀ bá kú tipiri, ẹ sọ fún dókítà. Kí ó máa wo ìtọ̀ rẹ̀ náà. Bó bá pọ́n dúdú bíi sóbò, ẹran ara ló ti jóná nínú, ó sì lè kan kíndìnrín.

Dókítà máa bi yín pé ibo ni iná gbà wọlé, ibo ló gbà jáde. Ọwọ́ kejì rẹ̀ ńkọ́, ibo ló wà lásìkò náà?

Alábòójútó Kúbwà

A ti gbé e lọ, wọ́n ya ọkàn rẹ̀, wọ́n ní kò sí nǹkan, ó ti wà nílé. Ó ní apá òsì òun ló gbé lé etí páànù pánẹ́ẹ̀lì, ní ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́. Mi ò kà á kún nǹkan kan tẹ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àṣàkẹ́

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún sí apá òsì, àárín àyà ló gbà kọjá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní láti ya ọkàn rẹ̀.

Ọmọ Ìdù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má da ara yín láàmú. Ọyẹ́ la wà yìí. Ní Àbújá níbí, bí èèyàn bá di ilẹ̀kùn mọ́tò mú lásán, á ta á pàó. Páànù gbígbẹ, ara gbígbẹ, iná ọyẹ́ ni. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, iná àgbàràn ni, èyí tó máa ń ràn láti ara wáyà kan sí ìkejì nínú páìpù. Bíréékà wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ kọ "bẹ́ẹ̀ ni".

Bàbá Wáyà

Ọmọ Ìdù, rọra. Iná ọyẹ́ máa ń ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni, kì í jó ìka, kì í sì í fi àmì funfun sílẹ̀. Iná tó ràn láti ara wáyà kejì wà lóòótọ́, mítà olónkà á sì fi hàn bíi fọ́ltì 60 tàbí 90, ṣùgbọ́n kò lágbára láti ta géńdé sẹ́yìn. Ojúlówó iná ló gbé ọmọ yẹn.

Alábòójútó, má kọ bẹ́ẹ̀ ni, má kọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìbéèrè fọ́ọ̀mù yẹn ò mọ̀ pé ọ̀nà iná lè ju ẹyọ kan lọ. Ẹ dá mi lóhùn nǹkan mẹ́ta kí n tó sọ̀rọ̀. Wáyà kékeré tó lọ sẹ́nu A1 yẹn, ẹ tọ̀ ọ́ lẹ́yìn pẹ̀lú ojú, ẹ má fọwọ́ kàn án: tẹ́mínà nọ́ḿbà mélòó ló ti wá? Fúlóòtì orí táńkì ńkọ́, ibo ni iná tirẹ̀ ti ń wá? Ìkẹta, ṣé táńkì kún ní aago 9:40, báwo ló sì ṣe rí ní 10:15?

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún nǹkan kan ṣe níbẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ará ẹ́sítéètì á ti máa pariwo omi. Ẹ pe àwọn máí rúwà kí wọ́n máa ti kẹ̀kẹ́ omi wọlé fún ọjọ́ méjì. Tí wọ́n bá fi lè so pọ́ǹpù yẹn padà, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Lúgbè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá, fìríìjì tèmi náà ń gbé mi láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ò tiẹ̀ fẹ́ ṣí i mọ́. Ṣé kọ́ntákítọ̀ ni èmi náà máa pààrọ̀?

Bàbá Wáyà

Ìyá Ìbejì, fìríìjì ò ní irú kọ́ntákítọ̀ yìí. Bó bá ta yín pàó lẹ́ẹ̀kan tó sì dákẹ́, ọyẹ́ ni, ti Ọmọ Ìdù tọ̀nà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó ń gbọ̀n rìrì lọ́wọ́ yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dì í mú, pàápàá bí ẹsẹ̀ yín bá wà nílẹ̀ láìwọ bàtà, iná ti ń jò sára páànù rẹ̀. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ báyìí, kí oníṣẹ́ iná wo áàtì ilé yín. Lókè Ọya níbí, ilẹ̀ máa ń gbẹ kanlẹ̀ lásìkò yìí, irin áàtì tó ń ṣiṣẹ́ ní oṣù Ògún lè má wúlò mọ́ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ẹ ṣí ọ̀rọ̀ tiyín lọ́tọ̀, á ye àwọn mìíràn náà.

Alábòójútó Kúbwà

Bàbá, mo ti padà síbẹ̀. Wáyà yẹn ti ẹnu tẹ́mínà 7 wá. Àwọ̀ búlúù ló ní, wọn ò sì kọ nǹkan kan sí i lára. Láti 7, wáyà kan wọ inú páìpù lọ sókè táńkì, bíi ẹsẹ̀ bàtà 150. Mo bi ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, ó ní gílóòbù pupa kan wà nínú ilé àwọn tó máa ń tàn nígbà tí omi bá lọ sílẹ̀. Mo wo bọ́ọ̀dù iná ilé wọn: bíréékà áḿpù 10 kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi bíírò kọ "táńkì" sí lára. Ó wà lókè ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ ń lọ.

Ní ti omi, alẹ́ Túsìdeè ni pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn, táńkì sì kún. Láàárọ̀, àwọn èèyàn ń wẹ̀, wọ́n ń fọṣọ.

Bàbá Wáyà

Ó tán. Ẹ fọkàn bá mi lọ.

Ẹni tó fa wáyà yẹn fẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ máa rí gílóòbù, ó sì mú iná fúlóòtì láti ilé ẹ̀ṣọ́ dípò inú pánẹ́ẹ̀lì. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni iná ń gbà wọ pánẹ́ẹ̀lì yẹn: ọ̀nà ńlá tó ń yí pọ́ǹpù, àti ọ̀nà kékeré tó ń pàṣẹ fún kọ́ntákítọ̀. Bíréékà ńlá ò mọ̀ ọ̀nà kékeré rí. Ní 9:40, táńkì kún, fúlóòtì léfòó, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, òkú ni wáyà 7. Bí àwọn èèyàn ṣe ń lo omi, fúlóòtì ń bọ̀ wálẹ̀. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó pa ẹnu dé, iná ilé ẹ̀ṣọ́ sì gba ibẹ̀ wá sẹ́nu wáyà 7 tí ọmọ yẹn mú lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó tan nǹkan kan. Omi ló tan án.

Títí Ààbò

Háà. Ẹnì kan ń fọṣọ lókè, iná ń gbé ẹlòmíràn nísàlẹ̀.

Ọmọ Ìdù

Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi oníṣẹ́ náà ṣì ni. L1, L2, L3 nìkan ló wọn. Ká ní ó wọn 7 sí ara páànù, ì bá ti rí iná. Ẹ kọ ọ́ pé kò wọn ibi tó yẹ.

Bàbá Wáyà

Ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ lòótọ́. Kò wọn 7, kí wọ́n sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìfi bò. Ṣùgbọ́n má kọ "ì bá ti rí iná". Bó bá wọn ọ́n ní 9:45, kò ní bá ojúlówó iná níbẹ̀, torí táńkì ṣì kún. Ìyẹn gan-an ló mú kí irú wáyà yìí burú: wíwọ̀n nìkan ò gba èèyàn lọ́wọ́ rẹ̀. Mítà ń sọ bí wáyà ṣe rí ní ìṣẹ́jú tí o wọn ọ́n, kò sọ bó ṣe máa rí lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wáyà tó bá ti inú fúlóòtì, táímà, tàbí súwìṣì tí ẹlòmíràn lè tẹ̀ wá, ibi tí iná rẹ̀ ti ń wá ni wọ́n ti ń pa á, kí wọ́n sì fi àgádágodo ti bíréékà náà. Bí wọ́n bá wá kọ ìròyìn pé "oníṣẹ́ kò wọn ọ́n dáadáa", wọ́n á ra mítà tuntun, wáyà á ṣì wà níbẹ̀.

Títí Ààbò

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù wá kù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìròyìn ti ń bàjẹ́ ni pé wọ́n ń da ohun tí wọ́n rí pọ̀ mọ́ ohun tí wọ́n rò. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Lábẹ́ ìbéèrè pípa iná, ẹ fa ìlà lórí bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ẹ kọ ọ́ báyìí:

"Ọ̀nà iná méjì ló wọ pánẹ́ẹ̀lì yìí. A pa ọ̀kan. Bíréékà ńlá inú pánẹ́ẹ̀lì wà nílẹ̀ láti aago 9:40. Oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló wọ́ ọ, kò sí àgádágodo lórí rẹ̀. Ó wọn àárín L1, L2 àti L3 nísàlẹ̀ bíréékà, fọ́ltì 0. Kò sí ẹni tó wọn tẹ́mínà 7. Ọ̀nà kejì wá láti bọ́ọ̀dù ilé ẹ̀ṣọ́, bíréékà áḿpù 10, tó wà lókè títí iná fi gbé oníṣẹ́ náà. Kò sí ìkìlọ̀ kankan lára pánẹ́ẹ̀lì tó sọ nípa ọ̀nà kejì."

Ẹ wò ó pé kò bú ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ irú mítà tó lò náà, kí ẹ sì bi í bóyá ó kọ́kọ́ dán an wò níbi tí iná wà dájú, kó tó wọn ibi tó pa, kó sì tún padà dán an wò lẹ́yìn náà. Bó bá ní rárá, ẹ kọ "rárá". Mítà tí wáyà ẹnu rẹ̀ ti já nínú á ka òdo níbi gbogbo, títí dé ojú iná NEPA.

Alábòójútó Kúbwà

Mo bi í. Ó dán an wò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ẹ̀ṣọ́ ṣáájú, kò dán an wò lẹ́yìn. Mánéjà wá ní bí iná bá gbé e lóòótọ́ láti ilé ẹ̀ṣọ́, kí ló dé tí bíréékà áḿpù 10 ọ̀hún kò já?

Bàbá Wáyà

Kò lè já. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fún mánéjà. Fọ́ltì 230, kí a ní ara èèyàn dènà iná tó bí óòmù 1500. Ohun tó máa gba ara rẹ̀ kọjá jẹ́ bíi mílíáḿpù 150, ìyẹn kò tó ìdá méjì nínú ìdá mẹ́wàá áḿpù kan. Bíréékà yẹn ń dúró de ohun tó ju áḿpù 10 lọ. Wáyà ni wọ́n fi ń dáàbò bò kó má jóná. Èyí tó ń ṣọ́ èèyàn ni bíréékà oní mílíáḿpù 30 tó ní bọ́tìnnì ìdánwò T lójú. Ẹ wo bọ́ọ̀dù ilé ẹ̀ṣọ́ bóyá ó ní i. Bí kò bá ní, "kò sí" ni kí ẹ kọ, kì í ṣe "kò ṣiṣẹ́". Méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ọmọ Ìdù

Áàtì pánẹ́ẹ̀lì náà á ti bàjẹ́. Bí áàtì bá dára, iná ì bá ti bá ilẹ̀ lọ.

Bàbá Wáyà

Èyí ni gbogbo èèyàn máa ń sọ, òdìkejì rẹ̀ ló sì ṣẹlẹ̀ níbí. Áàtì ń gbani nígbà tí iná bá jò sára páànù. Ọmọ yìí kò fọwọ́ kan páànù oníná, wáyà oníná gan-an ló mú, apá kejì rẹ̀ sì wà lórí páànù. Bí áàtì páànù náà bá ṣe dára tó ni iná ṣe máa rí ọ̀nà gba ara rẹ̀ jáde tó. Ẹ wọn áàtì náà, ẹ kọ nọ́ḿbà tí ẹ bá rí, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ẹ̀bi náà lé e lórí.

Kánò Sábóńgàrì

Ẹ kú àṣeyọrí. Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un. Ilé ẹ̀ṣọ́ ní ọ̀pọ̀ ẹ́sítéètì máa ń wà lórí ínfátà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kódà kí wọ́n pa iná láti orí tiransifọ́mà, iná á ṣì wà lára wáyà 7. Ẹ bi ẹ̀ṣọ́ bóyá iná NEPA wà ní 10:15 tàbí ínfátà ló ń gbé wọn. Kí ẹ sì wọn tẹ́mínà náà nínú ipò méjèèjì, torí lórí ínfátà, ohun tí ẹ máa rí láti wáyà sí páànù lè yàtọ̀ pátápátá sí ti NEPA.

Bàbá Wáyà

Kánò sọ̀rọ̀ gidi. Bí ẹ ṣe máa wọn ọ́n nìyí. Èèyàn méjì tó mọṣẹ́ ni, kò sí ẹlòmíràn nítòsí. Bíréékà ńlá nílẹ̀, kí àgádágodo wà lórí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ pa bíréékà ilé ẹ̀ṣọ́, kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù tẹ́mínà dé ẹnu wáyà tó wà lófìfo kó má baà kan ara páànù. Ẹnì kan á gun orí táńkì pẹ̀lú fóònù, á gbé fúlóòtì sókè. Ẹ tan bíréékà ilé ẹ̀ṣọ́ padà, ẹ fi mítà kan tẹ́mínà 7 àti páànù, lẹ́yìn náà 7 àti 8 tó jẹ́ níyútírà. Kí ẹni òkè wá jọ̀wọ́ fúlóòtì sílẹ̀, ẹ tún un wọn. Ẹ máa kọ aago sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí mítà yín bá ní ipò LoZ, òun ni kí ẹ lò, torí ó máa ń pa iná àgbàràn tí Ọmọ Ìdù sọ rẹ́, èyí tó jẹ́ ojúlówó nìkan ló máa kù. Bí kò bá ní, ẹ so gílóòbù wáàtì 40 mọ́ àárín 7 àti 8. Kì í ṣe 7 àti páànù o: bí áàtì páànù bá ti já láìmọ̀, ẹ ti fi gílóòbù gbé iná wọ páànù fún ara yín nìyẹn. Tésítà súkúdíráfà ò wúlò fún èyí. Nínú oòrùn ọ̀sán, iná kékeré inú rẹ̀ lè tàn kí ojú má rí i.

Títí Ààbò

Bí ẹ ṣe ń ṣe ìyẹn, ẹ kọ ipò ẹ̀rọ bí ẹ ṣe bá a, kì í ṣe bó ṣe yẹ kó rí. Má kọ "wáyà níyútírà". Kọ "wáyà búlúù, kò ní àmì, ó ti tẹ́mínà 7 wá". Búlúù jẹ́ fésì nínú wáyà àtijọ́, ó jẹ́ níyútírà nínú tuntun, ilé tí wọ́n ti tún wáyà rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì máa ń ní àwọn méjèèjì. Ẹ ya fọ́tò pánẹ́ẹ̀lì látòkèèrè, kí gbogbo súwìṣì hàn, kí ẹ tó ya ti tòsí.

Ní ti òfin, òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 fún oníṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí, agbanisíṣẹ́ sì ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF, àjọ ìjọba tó ń san ẹ̀san náà, létí. Ẹ má jẹ́ kí mánéjà sọ pé torí ọmọ náà ti lọ sílé, ọ̀rọ̀ ti tán. Bí kò bá lè ṣiṣẹ́ fún ohun tó ju ọjọ́ 3 lọ, òfin ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tún ní kí wọ́n kọ̀wé sí alábẹ̀wò ìjọba.

Ọmọ Ìdù

Ẹ́sítéètì kì í ṣe ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Òfin kejì yẹn ò kàn wọ́n.

Títí Ààbò

Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó lè má rí bẹ́ẹ̀, lọ́yà ni yóò sọ ìyẹn. Ti NSITF ò yẹ̀ ní tirẹ̀.

Alábòójútó Kúbwà

A ti wọn ọ́n lówùúrọ̀ yìí, bíréékà ńlá nílẹ̀, àgádágodo lórí rẹ̀, NEPA wà. Mítà olónkà lásán ni ti wa, nítorí náà a lo gílóòbù.

Fúlóòtì lókè: 7 sí páànù, fọ́ltì 74. Láàárín 7 àti 8, ó fi 71 hàn. Bí a ṣe so gílóòbù mọ́ ọn, ó wálẹ̀ sí òdo, gílóòbù ò tàn. Fúlóòtì nílẹ̀: 7 sí páànù, 229. Gílóòbù tàn yòò. Nígbà tí a gbé ilé ẹ̀ṣọ́ sórí ínfátà, 7 sí 8 jẹ́ 221, ṣùgbọ́n 7 sí páànù jẹ́ 112 péré. Ẹ̀ṣọ́ ní NEPA wà láàárọ̀ Wẹ́sídeè, fáànù òun ń yí dáadáa, ẹnì kejì rẹ̀ ní ínfátà ni wọ́n lò.

Áàtì páànù dára, óòmù 0.3 láti páànù sí ẹnu áàtì ńlá. Wáyà áàtì tó so ilẹ̀kùn pánẹ́ẹ̀lì mọ́ ara rẹ̀ ni ìpẹtà ti jẹ já. Kò sí bíréékà mílíáḿpù 30 nínú bọ́ọ̀dù ilé ẹ̀ṣọ́.

Bàbá Wáyà

Iṣẹ́ gidi. Fọ́ltì 74 yẹn ni iná àgbàràn Ọmọ Ìdù, gílóòbù ti lé e lọ. 229 ni ẹlẹ́bi. Wáyà ilẹ̀kùn tó já, ẹ kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àléébù tí ẹ bá níbẹ̀, kí ẹ sì fi kún un pé òun kọ́ ló fà á, torí apá ọmọ náà kò sí lórí ilẹ̀kùn.

Kánò Sábóńgàrì

112 yẹn fi hàn pé níyútírà ínfátà yín kò so mọ́ áàtì nígbà tó bá ń dá ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ ínfátà ló wà ní 10:15, iná tó gbé e kò ní le tó ti NEPA. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ méjèèjì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ẹ má yan ọ̀kan.

Ọmọ Ìdù

Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn nígbà náà. Ẹ lẹ páálí mọ́ ọn: "Ẹ pa iná ilé ẹ̀ṣọ́ náà." Ó tán.

Bàbá Wáyà

Páálí máa ń ṣí nínú oòrùn Kúbwà láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹ lẹ̀ ẹ́ lónìí, ó dára, ṣùgbọ́n àtúnṣe tòótọ́ ni kí ẹ já iná ilé ẹ̀ṣọ́ kúrò nínú fúlóòtì. Ẹ mú iná fúlóòtì láti ìsàlẹ̀ bíréékà ńlá inú pánẹ́ẹ̀lì, kí ó gba inú fíúsì áḿpù 2, kí bíréékà kan ṣoṣo lè pa méjèèjì. Èmi á tiẹ̀ fi tiransifọ́mà kékeré sọ ọ́ di fọ́ltì 24, torí wáyà fúlóòtì ló máa ń wọ omi, ṣùgbọ́n ẹ máa ní láti ra kọ́ntákítọ̀ tí kọ́ìlì rẹ̀ jẹ́ 24.

Kánò Sábóńgàrì

Ẹ̀gbọ́n, fọ́ltì 24 lórí wáyà tínínrín tó gba ẹsẹ̀ bàtà 150 lọ, tó gba 150 bọ̀? Kọ́ntákítọ̀ oníhọ́ọ̀sì 10 máa ń fa iná púpọ̀ lójijì nígbà tó bá fẹ́ gbé. Fọ́ltì á rọ̀ lójú ọ̀nà, á máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á jóná. Ẹ fi rílé kékeré sáàárín.

Bàbá Wáyà

Mo gba rílé. Gílóòbù ẹ̀ṣọ́ ni mi ò tíì mọ bí ẹ ṣe máa ṣe. Bí ẹ bá fi ẹnu kejì rílé tàn án, iná ilé ẹ̀ṣọ́ tún ti wọ pánẹ́ẹ̀lì nìyẹn.

Alábòójútó Kúbwà

Mánéjà ti ka èyí tí Títí kọ. Ó ní òun á fọwọ́ sí i bí mo bá yọ gbólóhùn "kò sí ìkìlọ̀ kankan" kúrò. Mi ò tíì dá a lóhùn.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀. Bí a ṣe ṣí ìdérí ìsàlẹ̀ láti ya fọ́tò, a rí wáyà dúdú kan lẹ́nu tẹ́mínà 9 tí kò sí nínú àwòrán. Inú ilẹ̀ ló gbà lọ, ó dà bíi pé ó kọjú sí ilé jẹnẹrétọ̀. A wọn ọ́n sí páànù, òdo ni.

Bàbá Wáyà

Ṣé jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ wọn ọ́n?

Alábòójútó Kúbwà

Rárá. Sátidé ni wọ́n máa ń tan án.

Bàbá Wáyà

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé "òdo, jẹnẹrétọ̀ kò ṣiṣẹ́". Kí pánẹ́ẹ̀lì náà wà ní títì títí di Sátidé, kí ẹnì kan wà nídìí mítà kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì.